Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Ẹni Tó Ń Ta Oògùn Kọ́ Ni Ẹlẹ́rìí Rẹ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fáwọn èèyàn nípa oògùn oríkèé ríro kan tó ń jẹ́ Artri King. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rà á. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀ kò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù: ewé kan tó dà bí èsìsì, àti ọ̀rá ómégà 3. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò, oògùn òyìnbó méjì tí kò sí lára ìgò ló jáde síta. Ọ̀kan ni díkílófẹ́náàkì tó ń pa ìrora, èkejì ni dẹsamẹtásóònù, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, ìyẹn oògùn líle tó ń mú kí ara wíwú àti ìrora tètè rọlẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ àjọ náà nípa àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, àti nípa àwọn tó kú.

Ìdí tá a fi padà sórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé oògùn náà ní gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ wa fi ń dá ojúlówó mọ̀. Ìgò rẹ̀ dùn ún wò. Wọ́n ní ewé ni. Àwọn tó lò ó ń jẹ́rìí pé ó ṣiṣẹ́, wọn ò sì parọ́. Ẹni tí orúnkún ò jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn láti ọdún mẹ́ta lè lò ó lálẹ́ ọjọ́ Ajé, kó sì máa rìn fàlàlà ní Ọjọ́bọ̀. Ta ni yóò wá sọ fún un pé oògùn náà ò dáa?

Ìyára yẹn gan-an ló yẹ kó fu èèyàn lára. Ewé èsìsì kì í lé ìrora oríkèé ọlọ́jọ́ pípẹ́ lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń yin oògùn ewé kan pé ó mú àwọn dìde lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ lè jẹ́ òótọ́, kó sì jẹ́ òótọ́ yẹn ló ń sọ fún yín pé nǹkan mìíràn wà nínú ìgò.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí nǹkan mìíràn yẹn ń ṣe. Lórí kíndìnrín wa, kókó kékeré méjì kan wà tó ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù jáde. Kọ́tísọ́ọ̀lù yìí wà lára ohun tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ró, tó sì ń jẹ́ kí ara lè kojú àìsàn àti ìpalára. Dẹsamẹtásóònù ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: mílígíráàmù 0.75 rẹ̀ péré tó mílígíráàmù 20 kọ́tísọ́ọ̀lù. Bí èèyàn bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á rí i pé ọjà ti ń wọlé láti òde, àwọn kókó méjèèjì á sì jókòó tẹtẹrẹ. Ọjọ́ tí oògùn bá tán, tàbí tí ẹnì kan bá gbọ́ ìkìlọ̀ tó sì kó o dà sínú ààtàn, kò ní sí èyí tó ń tòde wọlé mọ́, ti ilé ò sì tíì jí. Àárẹ̀ á dé, èébì á tẹ̀ lé e, ìfúnpá á já wálẹ̀, ẹni náà sì lè kú bí wọn ò bá tètè gbé e dé ilé ìwòsàn.

Èyí ló fi jẹ́ pé ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ wá sí gbogbo wa lẹ́nu, “Jù ú nù kíá!”, lè pa ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́. Kí onítọ̀hún gbé ìgò náà lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kó sọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó àti iye tó ń lò lóòjọ́, kí dókítà wá fi sùúrù dín in kù fún un. Bí ojú bá ti ń wú rìbìtì, bí ara bá ń dápàá láìjẹ́ pé nǹkan gbá a, tàbí bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ń gòkè láìnídìí, ó yẹ kí dókítà gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú. Ti díkílófẹ́náàkì tún wà níbẹ̀. Òun àti sítẹ́rọ́ọ̀dù pa pọ̀ lè dá egbò sínú ikùn kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìgbẹ́ tó bá dúdú bí ọ̀dà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dúró di ọ̀la fún.

Báwo wá ni ẹni tó fẹ́ rà á ì bá ṣe mọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, tó fẹ́ ra oògùn orúnkún ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ìpolówó já lójú fóònù rẹ̀. Ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, aago kan ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn pé owó pọ́ọ́kú ò ní pẹ́ parí, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé “FDA Registered”. Tó bá ń bá a lọ láti ka ojú ìwé yẹn, bó ti wù kó fara balẹ̀ tó, ohun tí ọlọ́jà fẹ́ kó mọ̀ náà ni yóò mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ àfìgbà tó bá kúrò níbẹ̀.

Kó ṣí ojú ìwé mìíràn, kó tẹ orúkọ oògùn náà pẹ̀lú orúkọ àjọ àti ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀, báyìí:

```
Artri King FDA warning
```

Ìkìlọ̀ ọdún 2022 á jáde síwájú rẹ̀. Gbólóhùn “FDA Registered” yẹn náà á tú fó. Àfikún oúnjẹ ni wọ́n ń pe irú oògùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tà á, lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, àjọ náà kì í sì í yẹ àfikún oúnjẹ wò kó tó dé ọjà. Ohun tí ilé iṣẹ́ kan lè fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni orúkọ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ò sì túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti tọ́ ohun tó wà nínú ìgò wò. Ẹni tó kọ gbólóhùn náà síbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń kà á ni kò mọ̀.

Bí ìwádìí ò bá mú nǹkan burúkú jáde, ìyẹn ò tíì sọ pé oògùn dáa. Wọ́n lè má tíì mú un ni. Orúkọ lára ìgò sì rọrùn ún pa dà ju oògùn lọ.

Ó kan ẹni tó ń tà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2015, gbogbo ilé oògùn tó bá ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọṣepọ̀ Yúróòpù gbọ́dọ̀ gbé àmì kan sójú ìkànnì rẹ̀, àgbélébùú funfun lórí ìlà aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú àsíá orílẹ̀-èdè náà ní apá òsì rẹ̀. Àmì náà fúnra rẹ̀ ò ṣe ẹ̀rí kankan, torí ọmọdé lè dà á kọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ojúlówó á gbé yín lọ sí ìkànnì ìjọba, níbi tí orúkọ ilé oògùn náà wà nínú àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán lásán tí kò lọ síbì kan, tàbí tó gbé yín lọ síbi tó jọ ti ìjọba ṣùgbọ́n tí àdírẹ́sì rẹ̀ lókè ò jẹ́ ti ìjọba, ẹ kúrò níbẹ̀.

Níbi tí irú àmì bẹ́ẹ̀ ò sí, ẹ lọ tààrà sí àkọsílẹ̀ àjọ tó ń fún àwọn apòògùn níwèé àṣẹ ní orílẹ̀-èdè tí ọlọ́jà ní òun wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé: wọ́n rí nọ́ńbà ìwé àṣẹ lójú ìkànnì, wọ́n bá nọ́ńbà yẹn nínú àkọsílẹ̀, inú wọn dùn. Àwọn gbájú-ẹ̀ ti mọ̀ pé a ó wá a, nítorí náà nọ́ńbà ilé oògùn gidi kan ni wọ́n jí lò. Ẹ wò ó bóyá orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti àdírẹ́sì ìkànnì bára mu. Kí ẹ wá mú nọ́ńbà fóònù tó wà nínú àkọsílẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ pè é, kí ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló ni ìkànnì yẹn.

Àyẹ̀wò kan tún kù tí kì í pẹ́. Ẹ mú oògùn tó yẹ kí dókítà kọ ìwé fúnni kí wọ́n tó tà á, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á bi yín léèrè ìwé náà. Àwọn kan á béèrè ìbéèrè mẹ́wàá, wọ́n á sì gba ìdáhùn yòówù tẹ́ ẹ bá fún wọn. Bí apòògùn tẹ́ ẹ lè bá sọ̀rọ̀ ò bá sí níbẹ̀, ilé oògùn kọ́ nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé lára oògùn tí wọ́n rà lórí ìkànnì tí kò bófin mu tó ń fi àdírẹ́sì rẹ̀ pa mọ́, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ ayédèrú.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn di olùṣèwádìí kó tó rí oògùn lò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, FDA kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí Amazon àti Walmart torí pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lórí àtẹ wọn. Ibi tí agbára wà nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ẹrù wà. Lójú tiwa, ìkànnì yòówù tó bá fẹ́ gbowó ìpolówó oògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àjọ tó fún ọlọ́jà níwèé àṣẹ léèrè, kì í ṣe kó bi ọlọ́jà. Àwọn àjọ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èèyàn lè fi àdírẹ́sì ìkànnì wá nǹkan nínú àkọsílẹ̀ wọn, torí òun ni ẹni tó fẹ́ rajà máa ń kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀kẹta ló ká wa lára jù. Bí ìkìlọ̀ bá ti jáde, àwọn ìkànnì ńlá á yọ ọjà náà kúrò lórí àtẹ, wọ́n á sì ní ó parí. Kò tíì parí. Orúkọ ẹni tó rà á wà lọ́wọ́ wọn, àdírẹ́sì ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n mọ ọjọ́ tó rà á àti iye ìgò tó rà. Kí òfin mú wọn kọ̀wé sí olúkúlùkù wọn láàárín ọjọ́ kan, ní èdè tó yé ẹni náà, kí wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n bá nínú ìgò, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sì jẹ́ pé kó má ṣe dá a dúró lójijì, kó gbé e lọ bá dókítà lónìí.