Ẹni tó máa kọ ọjà, ẹ jẹ́ kó kọ̀ ọ́ lórí fóònù

Àwọn tó ń tajà lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù ti pọ̀ tó ń kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán ọjà wọn báyìí pé owó pérépéré làwọn ń gbà káwọn tó gbé ẹrù jáde. Ẹni tí kò bá lè san án, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Ẹni tó bá ti rán ọlọ́kadà láti Ìkẹjà dé Ajah, tí oníbàárà wá ní òun kò rà á mọ́ nígbà tí ọlọ́kadà ti dúró sẹ́nu géètì, ìyẹn á mọ bó ṣe ń rí lára. Àmọ́ lójú tèmi, sísanwó nígbà tọ́jà bá dé kọ́ ló ń pa wá lówó. Ohun tó ń pa wá lówó ni pé a máa ń dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà ká tó mọ̀ pé kò fẹ́ ọjà náà.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Jumia àti Konga dé l'Ékòó lọ́dún 2012, ta ló fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sẹ́ni tí kò rí rí, kó wá máa retí pé ẹrù á dé? Ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà kéèyàn rí ọjà kó tó sanwó. Ìbẹ̀rù náà kò tíì lọ, kò sì yẹ kó lọ, torí àwọn tó ń gbowó tán tí wọ́n á pa fóònù ṣì wà nílùú. Àwọn míì á gbé àwòrán aṣọ olówó ńlá síta, ohun tó bá dé ilé èèyàn á dà bí àkísà. Kí èmi tí oníbàárà kò mọ̀ rí, tí mi ò ní ṣọ́ọ̀bù tó lè wá bá mi jà sí, wá ní kó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ránṣẹ́ kó sì fọkàn balẹ̀, ó ga o. Èmi gan-an ò ní fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bùlẹ́ńdà lẹ̀ ń tà. Ẹ rà á ní 14,000 náírà, ẹ̀ ń tà á ní 22,000. Owó ìpolówó tó mú oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ 1,500, páálí àti ọ̀rá tẹ́ ẹ fi dì í jẹ́ 500. Owó ọlọ́kadà jẹ́ 3,500, oníbàárà ló sì máa san án mọ́ owó ọjà nígbà tó bá gbà á. Bí wọ́n bá gbà á, 6,000 náírà ló kù sí yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa san 3,500 yẹn fún ọlọ́kadà, ẹ ó tún fi bíi 2,000 kún un kó tó gbé e padà wá. Ìpolówó 1,500 ti lọ, 500 tẹ́ ẹ fi di ẹrù ti lọ. 7,500 nìyẹn. Èrè orí bùlẹ́ńdà kan kò tó di ihò tí ẹyọ kan tí wọ́n kọ̀ gbẹ́ sílẹ̀.

Nínú mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá gbé jáde, bí mẹ́ta bá padà, 19,500 lèrè yín. Bí mẹ́rin bá padà, ó di 6,000 péré. Bí márùn-ún bá padà, ẹ ti wọ gbèsè 7,500, bẹ́ẹ̀ márùn-ún lẹ tà, owó ń wọ àkáǹtì, ọkàn yín sì balẹ̀ pé ọjà ń yá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣi ìṣirò ṣe. Owó tó wọlé là ń kà, a kì í ka èyí tó ń bá ọlọ́kadà lọ.

Wàyí o, oníbàárà kan náà tó kọ ọjà lẹ́nu ọ̀nà, ká ní orí fóònù ló ti sọ pé òun kò ṣe mọ́ kí ẹrù tó kúrò nílé, owó ìpolówó 1,500 nìkan lẹ máa pàdánù. Ẹ fi 1,500 wé 7,500. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Kí ló tiẹ̀ ń mú wọn kọ ọjà? Àwọn tó kàn ń fi wá ṣeré wà, àwọn tó ń ta irú ọjà wa tí wọ́n ń fi orúkọ èké béèrè ọjà náà sì wà, àmọ́ nínú ohun tí mo ti rí, wọn ò pọ̀ tó bí a ṣe ń pariwo. Èyí tó pọ̀ jù ni ẹni tó rí ìpolówó ní agogo mọ́kànlá alẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọjà náà wọ̀ ọ́ lójú, tó sì tẹ bọ́tìnnì. Ilẹ̀ mọ́, ó rántí owó ilé ìwé ọmọ. Ojú ń tì í láti sọ pé òun kò rà á mọ́, ló bá ń wo fóònù tó ń dún láì gbé e. Ẹlòmíì ní owó lọ́kàn, kò ní in lọ́wọ́. Ó rò pé ọjà ò ní dé títí oṣù á fi parí. Ẹlòmíì retí títí, ó sú u, ó sì ti ra tirẹ̀ ní Balógun.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka "ṣé ẹ ti múra sílẹ̀?" orí Wọ́sáàpù sí nǹkan kan. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí wọ́n á fi dáhùn kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ pè wọ́n, lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè ọjà náà gan-an, tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá jẹ́ òru ni wọ́n béèrè rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin lẹ ní ká gbé bùlẹ́ńdà wá fún yín lálẹ́ àná. Ọjà jẹ́ 22,000, owó ọlọ́kadà 3,500, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 25,500. Ṣé ọ̀la ló rọrùn fún yín ni, àbí ká jẹ́ kó di ìgbà tí owó oṣù bá wọlé? Tẹ́ ò bá sì fẹ́ ẹ mọ́, kò burú rárá mà, ẹ kàn sọ fún mi kí n má tíì rán ọmọ náà jáde."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn ọ̀gá ìpolówó á sọ fún yín pé ẹ má ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà láti sá lọ. Ilẹ̀kùn wo? Ẹni tó máa sá á sá, ká tètè jẹ́ kó sá kí ó tó ná wa ní 7,500. Ẹni tójú ń tì á sọ òótọ́ wẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ di ohun tí kò burú. Ẹni tó fẹ́ rà á á sì dá yín lóhùn pé "ah, mo fẹ́ o, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé."

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ wọn, ẹni tó máa wà nílé, àti bóyá owó lọ́wọ́ ni àbí wọ́n á fi ránṣẹ́ láti báńkì. Ẹni tó ń retí ọjà kì í ronú kó tó dáhùn ìwọ̀nyí. Ẹ ṣọ́ra fún "ẹ ṣáà máa gbé e bọ̀, ẹ ó bá èèyàn nílé." Ẹni tẹ́ ẹ máa bá nílé yẹn, ṣé owó wà lọ́wọ́ ẹ̀? Mélòó ni ọjà tó padà torí pé ọkọ ló máa sanwó, tí ọkọ ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹni tí mo bá pè láàárọ̀ tí kò gbé e, tí mo pè nírọ̀lẹ́ tí kò gbé e, mo máa fi ọ̀rọ̀ ṣọwọ́ sí i, ẹrù rẹ̀ á sì dúró síbi tó wà.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ ya fídíò ọjà tẹ́ ẹ máa gbé lọ gan-an, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rí lórí ayélujára. Ojú ọ̀sán ni kẹ́ ẹ ti yà á, kẹ́ ẹ gbé ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe tóbi tó. Tí ohun tó dé kò bá jọ èyí tẹ́ ẹ fi hàn, ẹ má pe ìyẹn ní ìwà oníbàárà. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà fún wọn láyè láti dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ padà.

Ẹrù tó bá sì ti múra tán kó má ṣe sùn. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ojúkòkòrò tó mú èèyàn béèrè ọjà ń rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kí a gba owó ọlọ́kadà ṣáájú wá ńkọ́, ká gba ìyókù nígbà tọ́jà bá dé? Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ká padà sórí bùlẹ́ńdà wa. Ẹni mẹ́wàá béèrè rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi 3,500 ránṣẹ́. Ká ní mẹ́rin pòórá, owó ìpolówó wọn tó jẹ́ 6,000 sì wọgbó. Mẹ́fà san án, ẹnì kan nínú wọn ṣì kọ ọjà, àmọ́ òun ló ti san owó àlọ, nítorí náà 4,000 lẹ pàdánù lórí tiẹ̀. Márùn-ún tó gbà á mú 30,000 wá. Ohun tó kù ni 20,000. Tó bá jẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló máa ń kọ ọjà yín tẹ́lẹ̀, ẹ ti kúrò lórí 6,000, ẹ jèrè gan-an. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi pé bùlẹ́ńdà mẹ́fà lẹ gbé jáde dípò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ méjì péré ló ń kọ̀ ọ́, 33,000 lẹ̀ ń jẹ tẹ́lẹ̀, owó àsanṣáájú yìí ló wá ń lé oníbàárà gidi lọ fún yín.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tó ń padà sọ́wọ́ yín. Inú ìwé kan ni mò ń kọ iye tèmi sí, pẹ̀lú adúgbò kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí wọ́n fi kọ ọjà. Owó ọlọ́kadà ṣáájú, àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ni mò ń gbà á lọ́wọ́ wọn, àti ẹni tó ti kọ ọjà mi rí. Àwọn tó ti rajà lọ́wọ́ mi tí wọ́n sì sanwó, mi ò jẹ́ bi wọ́n.

Ọlọ́kadà náà ní tirẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá ti pé yálà wọ́n gba ọjà àbí wọn ò gbà á, kí ló fẹ́ pe oníbàárà nígbà kejì sí? Á pè lẹ́ẹ̀kan, á ní wọn ò gbé e. Àdéhùn tèmi pẹ̀lú wọn ni pé kí wọ́n pè kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n tún pè tí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe pè é hàn mí lórí fóònù wọn kí n tó san owó tí wọ́n fi gbé ọjà padà. Mo sì máa ń jẹ́ kí oníbàárà tú páálí wò níṣojú wọn kó tó sanwó.

Látìgbà tí owó bébà ti wọ́n lóde níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ló ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì lẹ́nu ọ̀nà, èyí sì ti mú álààtì ayédèrú wá. Ohun tí oníbàárà bá fi han ọlọ́kadà lórí fóònù tirẹ̀ kì í ṣe owó. Àfi tí mo bá ti rí i nínú àkáǹtì mi, tí mo sì pè é pé "bọ̀dá, ẹ fún wọn." Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì báńkì bá ń ṣe ségesège, kí wọ́n ní sùúrù, kí ọjà sì wà lọ́wọ́ ọlọ́kadà.

Ẹrù tó ń bá mọ́tò lọ láti gáréèjì ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí. Dírẹ́bà tó ń lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin kò ní bá yín dúró gbowó ọjà, ẹni tó wá gbẹrù ní páàkì ti gbé e lọ nìyẹn. Ibẹ̀ yẹn, mò ń gba owó pérépéré kí n tó dì í. Ẹni tí kò bá fọkàn tán mi tó bẹ́ẹ̀, mo máa ń ní kó wá ẹni tirẹ̀ l'Ékòó tó lè wá wò ó kó sì bá a gbé e.