Àpilẹ̀kọ mẹ́rin tó ti jáde kì í ṣe ìwé kan

“Ẹ̀gbọ́n, ìwé ti wà nílẹ̀. Ẹ kàn bá mi dì í pọ̀ ni.”

Àbúrò mi kan ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbé àpilẹ̀kọ mẹ́rin wá bá mi ní Òkè-Fìà. Ọmọ Òṣogbo ni, Súwídìn ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn aláró ìlú wa níbí ló sì ṣèwádìí lé lórí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn olùkọ́ yunifásítì tún ìwé ṣe kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Mi ò lè ka iye ẹnu tí mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn. Èrò wọn ni pé bí jọ́nà àwọn onímọ̀ bá ti gba àpilẹ̀kọ wọlé, ọ̀rọ̀ ti parí lórí rẹ̀: ká pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí, ká kọ ìfáàrà síwájú, ká kọ ìparí sẹ́yìn, ó di ìwé. Irọ́ ni.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá ṣá. Ní Súwídìn, ẹni tó bá gba ọ̀nà àpilẹ̀kọ lọ sídìí oyè ọ̀mọ̀wé máa ń kó àwọn àpilẹ̀kọ rẹ̀ jọ, á wá kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan lé wọn lórí. Kápà ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀wù àwọ̀lékè ló túmọ̀ sí lédè wọn. Àwọn tó ń yẹ oyè wò mọ̀ pé aṣọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀wù náà, wọn ò sì torí ìyẹn bínú. Ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra ìwé kò mọ̀yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 8,000 ọ̀rọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di 32,000. Kápà rẹ̀ jẹ́ 15,000. Àpapọ̀ rẹ̀, 47,000. A tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, mo fún un ní báírò pupa, mo ní kó máa fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun tó bá ti sọ níbòmíràn. Àlàyé pé Òṣogbo ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí tí wọ́n fi ń pè wá ní ìlú aró wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún wà nínú kápà. Bó ṣe yan àwọn tó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin, orúkọ kan náà ló sì ń yí po. Nígbà tí báírò dákẹ́, ọ̀rọ̀ bí 14,000 ti pupa. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 33,000, atẹ̀wé sì ń béèrè 75,000. Ìwé tó “ti wà nílẹ̀” kò tó ìdajì.

Àtúnwí yẹn kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ o. Ẹni tó ń ka jọ́nà lè má rí àpilẹ̀kọ mìíràn lọ́wọ́ yín láé, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn látìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé, ńṣe ló dà bí àlejò tó tún ń kí wa ku ilé ní gbogbo yàrá tó bá wọ̀.

Pípa àtúnwí rẹ́ ló rọrùn jù. Ibi tó ti le ni ibi tí àwọn àpilẹ̀kọ ti ń ta ko ara wọn.

Àpilẹ̀kọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ aró ń kú lọ ní Òṣogbo. Ẹ̀kẹta, tó jáde lọ́dún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ wọ iṣẹ́ náà. Jọ́nà méjì tó gbà wọ́n kò rí àléébù kankan, torí kò sẹ́ni tó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀gbẹ́ni fẹ́ dín agbára ọ̀rọ̀ méjèèjì kù, kó kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà ń kú díẹ̀, ó sì ń gbèrú díẹ̀. Mo ní rárá, lọ kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ wá, ká wo ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ la ti rí i. Fún àkọ́kọ́, ìyá 23 nínú agbo ilé ló bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń gún èlú, tó ń fi eérú sẹ́ omi, tí àwọn ọmọbìnrin wọn ti gba ibòmíràn lọ. Fún ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́ 19 ni, àwọn tó ń ra aró alágolo àti ṣóódà kọ́sítíìkì lọ́jà, tí wọ́n ń tà fáwọn tó bá wá ṣọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògún tàbí kí wọ́n tà á lórí fóònù. Iṣẹ́ méjì ni, orúkọ kan ṣoṣo, àdìrẹ, ló bò wọ́n. Ìbéèrè ìwé wá jáde níbẹ̀: bí orúkọ iṣẹ́ bá dúró tí gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò yí padà, kí ló kù nínú iṣẹ́ náà? Kò sí èyí tó béèrè rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun ni ìfáàrà ní láti gbé ró.

Ohun táwọn èèyàn ń pè ní orí ìsopọ̀ náà ni wọ́n ń ṣì mú. Wọ́n á kọ ìpínrọ̀ méjì: “Ní orí tó ṣáájú, a rí i pé…” Okùn nìyẹn, kì í ṣe orí. Orí ìsopọ̀ ń dáhùn ohun tí àpilẹ̀kọ méjì fò dá. Níbí, ohun tó fò dá ni bí èlú ṣe kúrò nínú ìkòkò. Àyè kò sí fún un nínú jọ́nà. Ìyá kan ti sọ fún un pé omi eérú gba ọjọ́ púpọ̀, wọ́n á sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà pé ó pé. Ṣóódà ní tiẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rà á náà ni wọ́n ń lò ó. Ìlà méjì péré ni ìyá yìí ní nínú àpilẹ̀kọ. Nínú ìwé, ojú ewé mẹ́rin ni, òun ló sì gbé wa láti orí kejì dé orí kẹrin.

Àpilẹ̀kọ kejì ní tíọ́rì kan tí kò bá ìyókù tan. Mo béèrè ibi tó ti rí i, ó rẹ́rìn-ín: ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò fún jọ́nà ló fi dandan lé e. A yọ ọ́. Alábòójútó rẹ̀ ló bá a kọ àpilẹ̀kọ yìí kan náà, torí náà ó ní láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Ẹ tún ka àdéhùn tí ẹ bá jọ́nà kọ̀ọ̀kan tọwọ́ bọ̀. “Èmi ni mo kọ ọ́” kò túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ láti tún un tẹ̀.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti so pọ̀? Ẹ yọ orí kan láàárín, ẹ fún ẹnì kan ní ìyókù kó kà. Bí kò bá béèrè ohunkóhun, àpilẹ̀kọ lẹ ṣì kó jọ. Tiwa yege lẹ́ẹ̀kẹta tá a dán an wò.

Ìfáàrà la kọ gbẹ̀yìn. Èyí tó ti kọ́kọ́ kọ, ojú ewé méjìlá tó ń ròyìn ohun tí orí kọ̀ọ̀kan sọ, a jù ú nù. Tuntun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò aró kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé nínú agbo ilé kan, tí adìẹ ń sùn lórí ìdí rẹ̀. Orí kejì ló sọ ẹni tó dojú rẹ̀ dé.