Yógọ́ọ̀tì tí kò nílò fíríìjì, kí ló wá wà láàyè nínú ẹ̀?

Èrò ọkàn mi nìyí o, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: yógọ́ọ̀tì tó lè jókòó sórí káńtà fún oṣù mẹ́fà nínú ooru Òṣogbo yìí láìrí fíríìjì, tí kò kan sí i, tí ike ẹ̀ ò wú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bakitéríà tó ń ṣe ikùn lóore ṣì wà láàyè nínú ẹ̀. Wọ́n á kọ purobáyótíìkì, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe irú bakitéríà bẹ́ẹ̀, gàdàgbà sí iwájú ike, wọ́n á wá yàwòrán ikùn tó ń rẹ́rìn-ín sí i, owó á sì gun orí owó.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ná. Wọ́n á kọ́kọ́ se mílíìkì kó gbóná dáadáa, bíi 85°C, wọ́n á jẹ́ kó tutù wá sí bíi 43°C, wọ́n á wá fi bakitéríà méjì sí i, Laktobasílọ́ọ̀sì bọ̀lìgárikọ́ọ̀sì àti Sitẹrẹpitokọ́kọ́ọ̀sì tẹmofílọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì yìí ló ń sọ mílíìkì di yógọ́ọ̀tì, wọ́n ń jẹ ṣúgà inú mílíìkì tí wọ́n ń pè ní laktóòsì, wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì, ìyẹn ló jẹ́ kó dì kó sì kan. Ní wákàtí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dì yẹn, wọ́n pọ̀ nínú ẹ̀ bí omi òjò, kò sí ìjà nínú ìyẹn. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí i LẸ́YÌN ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kọ́ńpìnnì kan á tún gbé e gbóná lẹ́ẹ̀kejì kó má baà kan ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì lè rìn jìnnà láìsí fíríìjì. Iná tó mú kó pẹ́ yẹn náà ló pa gbogbo wọn. Mi ò dẹ̀ bá wọn jà lórí ìyẹn o, bí iná nẹ́pà ṣe rí ní ìlú yìí, ta ló fẹ́ gbé ọjà tó ń bàjẹ́ wá láti Èkó? Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti pa wọ́n, ẹ má tún fi orúkọ wọn polówó.

Mo bi màmá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lápá Òkè-Fíà pé mà, ṣé ẹ ò ní gbé èyí sí fíríìjì ni, ó ní, "Àǹtí, èyí ò nílò fíríìjì o, kọ́ńpìnnì fúnra wọn ló ní ká gbé e síta." Òótọ́ ló sọ, ó wà lára ike, wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ síbi tó tutù tó sì gbẹ, wọn ò dárúkọ fíríìjì. Gbólóhùn kékeré ẹ̀yìn ike yẹn lẹ máa wò, ẹ fi iwájú ike sílẹ̀. Tí wọ́n bá tún kọ ọ́ pé wọ́n gbé e gbóná lẹ́yìn tó ti dì, ó ti parí nìyẹn. Ẹyọ kan ló yàtọ̀, àwọn bakitéríà tó máa ń sé ara wọn mọ́ inú èèpo líle, bíi Básílọ́ọ̀sì koagúlánsì, ìyẹn lè la ooru kọjá, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì tó bá lo ìyẹn á kọ orúkọ ẹ̀ síta torí owó gidi ló ná lé e lórí.

Kí wá la pàdánù tí wọ́n bá ti kú? Ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa, tá a bá ti mu mílíìkì tútù báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á tún máa rú, laktóòsì ni kò dà nínú wa. Bakitéríà méjì tí mo dárúkọ yẹn gbé ohun tó ń fọ́ laktóòsì dání wọnú ìfun, wọ́n á bá wa ṣe é. Lọ́dún 2010 àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù gba èyí wọlé pé òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ní kó jẹ́ pé àwọn tó wà láàyè nínú gíráàmù kan ò gbọ́dọ̀ dín ní mílíọ̀nù 100. Tí ooru bá ti pa wọ́n, ohun tí wọ́n gbé dání yẹn náà bàjẹ́ lọ. Póróténì àti kálísíọ́ọ̀mù ò lọ síbì kankan ṣá, oúnjẹ ṣì ni, kì í ṣe omi.

Àwọn bakitéríà yòókù tí wọ́n máa ń fi kún un, asidofílọ́ọ̀sì àti bífídò, ìyẹn tún gbẹgẹ́ jù. Kódà nínú fíríìjì tó dáa, bọ̀lìgárikọ́ọ̀sì ò sinmi pátápátá, ó ń rọra kan sí i lójoojúmọ́, kíkan yẹn náà ló sì ń pa bífídò, bẹ́ẹ̀ni bífídò ò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, afẹ́fẹ́ dẹ̀ máa ń wọ inú ike díẹ̀díẹ̀. Torí náà èyí tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá àti èyí tó ku ọjọ́ méjì kó ẹsipáyà kì í ṣe ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike kan náà ni. Tí wọ́n bá wá gbé e sórí lọ́sàn-án gangan láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ọlá-Ìyá ńkọ́? Fírísà ò burú tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kàn ń sùn nínú yìnyín ni, yíyọ́ àti dídì léraléra tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ ló máa ń dín wọn kù.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè dán an wò nílé. Ẹ se mílíìkì, ẹ jẹ́ kó tutù débi tí ọmọ ìka tó mọ́ lè wà nínú ẹ̀ láìta án, ẹ pín in sí ìgò mẹ́ta tẹ́ ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn. Ẹ fi ṣíbí kan yógọ́ọ̀tì inú fíríìjì sí àkọ́kọ́, ṣíbí kan ti orí káńtà sí ìkejì, ẹ má fi nǹkan kan sí ìkẹta, ẹ wé wọn sínú kúlà mọ́jú. Nígbà tí èmi ṣe é, ti inú fíríìjì dì kiki, ó ń ta sánsán, ti orí káńtà kò yàtọ̀ sí ìkẹta tí mi ò fi nǹkan kan sí, omi mílíìkì lásán. Tí èyíkéyìí bá fà bí ilá tàbí tó ń hó tó ń rùn, ẹ dà á nù, nǹkan mìíràn ló wọ̀ ọ́. Ẹ sì rántí pé bakitéríà méjì àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni èyí ń fi hàn, kò lè sọ bóyá bífídò ṣì ń mí.

Nílé náà ẹ má máa da yógọ́ọ̀tì sínú kọ́sítáàdì tó ń hó kẹ́ ẹ wá ní ọmọ ń jẹ purobáyótíìkì, ooru yẹn ti pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògì tiwa, inú omidùn ni bakitéríà wà, tẹ́ ẹ bá ti se é di ẹ̀kọ, wọ́n ti lọ. Wàrà funfun tí àwọn Fúlàní ń tà kì í tilẹ̀ ṣe ti bakitéríà, ewé bọmubọmu ló mú un dì lórí iná.

Èmi báyìí, tí n bá fẹ́ ra yógọ́ọ̀tì nítorí ikùn, inú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń mú un, mo máa ń wá déètì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo sì máa ń bi ẹni tó ṣe é bóyá ó tún gbé e gbóná lẹ́yìn tó dì. Èyí orí káńtà, mo ṣì máa ń rà á fún àwọn ọmọ torí ó dùn, ṣùgbọ́n iye mínírà ni mo máa ń san lórí ẹ̀.