Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù sọ ohun tó ń ṣe é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an ni.

Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta gàrí ní Sábó níbí ní Ìkòròdú, wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn lórí fọ́ọ̀mù témi fúnra mi kọ. Màmá tẹ nọ́mbà fóònù wọn bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, mẹ́rin, àyè, mẹ́ta, àyè, mẹ́rin, àmọ́ méjì tó gbẹ̀yìn ò wọlé. Mo ti fi `maxlength="11"` síbẹ̀, àyè méjèèjì sì ti jẹ nínú 11 yẹn, ó wá ku nọ́mbà 9. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, fọ́ọ̀mù kọ "Invalid input" sókè pátápátá, ìsàlẹ̀ lojú Màmá wà, wọn ò rí i, gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ sì parẹ́. Wọ́n ní "ọmọ mi, ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

Ẹ ò rí i, àyè kì í ṣe àṣìṣe. Mo yọ `maxlength` kúrò, mo ní kí kóòdù kó àyè dànù, kó sọ +234 di 0, lẹ́yìn náà kó tó ka 11. Ìgbà téèyàn bá kúrò nínú àpótí yẹn ni kó kà á o, ẹ má fi pupa lé èèyàn láti nọ́mbà àkọ́kọ́.

Ti bíráwúsà nìyẹn, ó kàn ń ran Màmá lọ́wọ́ ni, kò lè ṣọ́ ilé. Ẹni tó bá ní `curl` á fi nǹkan ránṣẹ́ láì ṣí ojú ewé yín rárá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì lè má gbé JavaScript dé, mo ti bá nọ́mbà oní 8 nínú dátábéèsì wa rí. Torí náà sáfà gbọ́dọ̀ tún fọ nọ́mbà yẹn kó sì tún un kà, òun nìkan ló sì lè mọ̀ bóyá ẹlòmíì ti fi nọ́mbà yẹn forúkọ sílẹ̀. Tí kò bá gbà á, kó dá 422 padà, kó dárúkọ àpótí tó ní wàhálà:

```json
{"errors": {"phone": "Nọ́mbà 10 lẹ tẹ̀, ó ku 1 kó pé 11."}}
```

Abẹ́ àpótí fóònù gan-an lọ̀rọ̀ yẹn máa jókòó sí, ohun tí wọ́n tẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, àfi pásíwọ́ọ̀dù.

Nígbà tí Màmá tún un tẹ̀, wọ́n fo ẹyọ kan, wọ́n ka ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ní "ẹ̀n-ẹ́n, 7 ni mo fò", wọ́n fi 7 sí i, ó wọlé.