Mi ò sọ pé mi ò ní san, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí owó náà wà fún sílẹ̀

Kò pẹ́ tí mo san owó ilé ti ọdún tuntun tán ni bàbá onílé wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo àwa ayálégbé. Ìlà kan ṣoṣo ni: owó ìtọ́jú ilé ti wọlé, iye tí kálukú máa san nìyí, ẹ san án kí oṣù tó parí. Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Màá san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ohun tí owó náà wà fún sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan." Kò tó wákàtí kan tí fóònù mi fi dún. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o fẹ́ sọ pé olè ni mí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, nítorí mi ò fi olè pe ẹnikẹ́ni. Owó ilé yàtọ̀ sí owó ìtọ́jú ilé. Owó ilé, tí mo bá ti san án, ti onílé ni. Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi ṣe, mi ò ní bi wọ́n. Ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú jẹ́ owó tí gbogbo wa dá jọ sí ọwọ́ ẹnì kan kó lè bá wa san ti ọlọ́dẹ, ti agbálẹ̀, ti iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bíi akápò ẹgbẹ́ ló rí. Kò sí akápò tó ń bínú pé ẹgbẹ́ ní kó wá ka owó.

Kí n tó tún sọ ohunkóhun, mo lọ wo ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ayálégbé ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà kọ ọ́. Bí ìwé náà bá sọ pé iye kan pàtó ni owó ìtọ́jú lọ́dọọdún, tí ẹ sì fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, àlàyé lákọọ́lẹ̀ lè là yín lóye, ṣùgbọ́n ó ṣòro kó dín owó náà kù. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ayálégbé yóò san "ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí a bá ná lórí ìtọ́jú ilé". Gbólóhùn yẹn ló fún mi lẹ́sẹ̀ dúró, nítorí kò sí bí mo ṣe lè mọ ìpín tèmi láìmọ gbogbo owó náà, àti iye ẹni tí wọ́n pín in sí.

Mo wá kọ lẹ́tà, mo kọ déètì sí i, mo sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Mo ní kí wọ́n kọ ohun kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n ti ná àti èyí tí wọ́n ṣì ń fojú bù, kí wọ́n jẹ́ kí n rí rìsíìtì èyí tí wọ́n ti ná, kí wọ́n sì sọ iye fúláàtì tí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ sí. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi, bẹ́ẹ̀ òun ló gbówó jù.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwé náà dé, ojú ewé kan tí wọ́n ya lára ìwé àkọsílẹ̀, tí wọ́n fi bírò bulúù kọ. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo owó ọdún náà ní 100, kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Ọlọ́dẹ kó 40. Agbálẹ̀ kó 15, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀rọ omi kó 15, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí kó 6. Géètì tuntun jẹ́ 14. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ "ìnáwó mìíràn", 10, wọ́n sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, ìyẹn ni pé kálukú máa san 16 àti díẹ̀.

Fúláàtì 8 ló wà nínú ilé wa. Bàbá fúnra wọn ń gbé ọ̀kan, ọ̀kan sì ṣófo. Ọlọ́dẹ ń ṣọ́ àwọn méjèèjì, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń tàn lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìpín fúláàtì tó ṣófo, onílé ló ni ín títí tí ẹlòmíì yóò fi gbà á. A kì í gbé e ka àwọn tó kù lórí. Géètì tuntun náà kì í ṣe ìtọ́jú. Ká fi epo sí ìdè géètì, ká tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe, ìtọ́jú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká yọ ti àtijọ́ kúrò ká fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ohun ìní onílé ló ń pọ̀ sí i. Bí mo bá kó jáde lọ́la, mi ò ní gbé géètì dání.

Mo lọ bá wọn nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo mú ìwé náà dání. Mo gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. Ayálégbé méjì ló jẹ gbèsè lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ọlọ́dẹ kì í dúró de gbèsè, àpò ara wọn ni wọ́n fi san án. Mo ní ó dùn mí fún wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn méjèèjì yẹn ló yẹ kí wọ́n ti gbà á. Nígbà tí a dé orí "ìnáwó mìíràn", wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì mú rìsíìtì gílóòbù àti ti púlọ́ḿbà wá. Ó jẹ́ 4. Wọn ò rí ìwé kankan fún 6 tó kù, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí a fagi lé e.

Bí a ṣe yọ géètì kúrò nìyẹn, tí a yọ 6 kúrò, tó wá ku 80. A pín in sí 8, ó bọ́ sí 10 fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan.

Ní gbogbo àsìkò yìí, mi ò da ọ̀rọ̀ owó ilé pọ̀ mọ́ ọn rárá, mo kúkú ti san án tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe dá owó ilé dúró nítorí owó ìtọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀tọ́ ló máa wá di ajẹgbèsè. Mo ti san apá tí kò ní àríyànjiyàn kí oṣù tó parí, mo sì kọ ọ́ sí ara owó tí mo fi ránṣẹ́ pé apá kan owó ìtọ́jú nìyí, ìyókù ń dúró de àlàyé. Ọwọ́ mi mọ́, ọlọ́dẹ náà sì gba owó rẹ̀.

A tún fẹnu kò pé ní ìparí ọdún, wọn yóò kọ iye tí wọ́n ná gan-an sí ẹ̀gbẹ́ iye tí wọ́n fojú bù. Bí ó bá ṣẹ́ kù, yóò wọ inú ti ọdún tó ń bọ̀. Ìwé tuntun náà wà lára ògiri lábẹ́ àtẹ̀gùn báyìí, bírò bulúù yẹn náà ni wọ́n fi kọ ọ́, nọ́ńbà 8 sì wà lókè rẹ̀ gàdàgbà.