Kóńgò ta la fi ń wọn ogun?

Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ fún sẹ́minà wa, mo mú ohun mẹ́ta tí Tọ́másì Akuínásì, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni láyé àtijọ́, ní ogun gbọ́dọ̀ ní kó tó tọ́: kí aláṣẹ ìlú ló pè é, kí ìdí rẹ̀ tọ́, kí èrò àwọn tó ń jà mọ́. Mo wá ya tábìlì kan, mo fi ohun mẹ́ta yẹn wọn ẹ̀sìn Júù àti Ìsìláàmù. Olùkọ́ wa bi mí pé, "Kóńgò ta lo fi ń wọ̀n wọ́n?" Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi eléso. Ogun dó ti ìlú, igi wà lẹ́yìn odi. Ṣé kí a gé e?

Deutarónómì 20 ní ká má gé e. Igi tí kì í so èso tí a lè jẹ nìkan ni ká fi ṣe ohun ìdótì. Àmọ́ orí yìí kan náà, ní ẹsẹ bíi mélòó kan ṣáájú, ló ní kí wọ́n má dá ẹ̀mí kankan sí nínú àwọn ìlú Kénáánì. Ẹni tó bá fa ọ̀rọ̀ igi yọ tó sì fi ti èèyàn sílẹ̀ ti tan òǹkàwé rẹ̀ jẹ.

Ti Ìsìláàmù ló gbà mí lákòókò jù. Nígbà tí Àbúbákárì, kálífà àkọ́kọ́, ń rán ọmọ ogun lọ sí Ṣáámù, ìyẹn agbègbè Síríà, ó kìlọ̀ fún ọ̀gágun rẹ̀ Yàsíìdì ọmọ Àbú Sùfíyánì pé kó má pa obìnrin, ọmọdé tàbí arúgbó, kó má sì gé igi eléso. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 625, àwọn Mùsùlùmí gé igi dàbínù àwọn Bánú Nàdíírì, ẹ̀yà Júù kan ní Mẹ̀dínà tí wọ́n dó tì, Kùránì 59:5 sì ní ìyọ̀ǹda Ọlọ́run ni. Àwọn àáfà wá pín sí méjì. Áúsáì, àáfà onímọ̀ òfin kan ní Ṣáámù, di ọ̀rọ̀ Àbúbákárì mú. Àwọn ọmọlẹ́yìn Àbú Hánífà, àáfà onímọ̀ òfin míì, ní gígé lẹ́tọ̀ọ́. Wọ́n ṣàlàyé pé Àbúbákárì mọ̀ pé Ṣáámù yóò bọ́ sọ́wọ́ Mùsùlùmí ni kò ṣe fẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́. Ẹ wò ó: ohun kan náà ni ẹnì kan kà sí òfin, tí ẹnì kejì kà sí ọgbọ́n ogun.

Akuínásì ńkọ́? Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ̀ wò lábẹ́ ọ̀rọ̀ ogun: bóyá ó tọ́, bóyá àlùfáà lè jà, bóyá a lè ba ní ibùba, bóyá a lè jà lọ́jọ́ àjọ̀dún. Kò kan igi. Tí mo bá fi kóńgò Deutarónómì wọn òun náà, kò ní kún.

Ìyẹn ni mo ṣe fa tábìlì mi àtijọ́ ya. Lójú tèmi, àwọn tó jiyàn lórí ọ̀ràn kan náà ló yẹ ká fi wé ara wọn.