Ẹ̀yin Alábòójútó Ilé, Ariwo Yìí Tó Gẹ́ẹ́

Ẹ̀yin alábòójútó ilé wa, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ tí aládùúgbò mi gbé sí bàkónì, tí ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá tí mo ń sùn, ni mo tún gbé dé, nítorí pé èsì yín, pé kí àwa méjèèjì lọ parí rẹ̀ láàárín ara wa, kò yanjú nǹkan kan.

Ẹ ní kò sí ẹ̀rí. Ẹ̀rí nìyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, wọ́n tàn án ní aago 11:20 alẹ́, wọn kò sì pa á títí di aago 4:05 ìdájí. Gíláàsì fèrèsé mi ń gbọ̀n jìgìjìgì, mo sì pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 9, aago 12:10 òru ni ó bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí yín lójú ẹsẹ̀, ẹ kò fèsì.

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba ariwo ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 45 lọ ní òru ní àdúgbò ibùgbé. Fóònù mi ka 68 nínú yàrá tí mo ti fèrèsé rẹ̀ pa. Lóòótọ́, fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n àlàfo yẹn ti pọ̀ jù.

Ohun tí mo ń béèrè ni kí ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé tí a kọ́ fún jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì fún mi lésì lórí ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àkọsílẹ̀ yìí ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń bójú tó àyíká.